Ìyàwó ní kí n yọ mọ́tò kúrò lẹ́yìn wọn ní Mápó, kí n sì dá òdòdó tó já padà

Ayafọ́tò Mọ́níyà:
Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ bá mi wo lẹ́tà yìí. Ìyàwó tí mo ya fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ lóṣù tó kọjá ló kọ ọ́ sí mi lórí Wasáàpù:

"Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Àwọn fọ́tò náà dára, Màámi ti fi wọ́n han gbogbo àdúgbò. Nǹkan méjì ló kù. Nínú èyí tá a yà lórí àtẹ̀gùn Mápó, mọ́tò pupa kan wà lẹ́yìn wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ ọ́. Èkejì, òdòdó ọwọ́ mi ti já lápá kan ká tó débẹ̀, wáyà rẹ̀ sì hàn. Ẹ bá mi dá a padà sí bó ṣe wà láàárọ̀. Èyí la fẹ́ tẹ̀ ní ńlá sára ògiri pálọ̀."

Ṣé ó ṣe é ṣe kó má hàn? Ṣé kí n gbowó lé e?

---

Ọmọ Kọ̀ǹpútà:
Ìṣẹ́jú márùn-ún ni, ọ̀gá. Nínú Photoshop, fi `Lasso` yí mọ́tò náà ká, lọ sí `Edit > Content-Aware Fill`, ó parí. Òdòdó, wá a lórí Gúgù, gé e, lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Àmọ́ ṣá o, tí ọkọ ìyàwó bá wọ awò ojú, wo inú gíláàsì rẹ̀ dáadáa, mọ́tò á tún hàn níbẹ̀.

---

Bàbá Sítúdíò:
Ọmọ Kọ̀ǹpútà, ẹ̀yìn wọn ni mọ́tò wà. Gíláàsì ojú èèyàn, ohun tó wà níwájú rẹ̀ ló máa ń gbé. Ayafọ́tò fúnra rẹ̀ ló máa hàn níbẹ̀.

Ti `Content-Aware Fill`, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa níbi tí ẹ̀yìn bá jẹ́ koríko, iyanrìn tàbí ojú ọ̀run, torí kò sẹ́ni tó mọ ewé koríko kan yàtọ̀ sí èkejì. Àwọn òpó ńlá ni wọ́n wà níwájú gbọ̀ngàn Mápó, àtẹ̀gùn sì wà nísàlẹ̀ wọn. Ìlà tó tọ́ ni gbogbo rẹ̀. Tí o bá ní kí kọ̀ǹpútà ronú òpó fún ọ, á gbé òpó tó tẹ̀ wá, tàbí kó da àtẹ̀gùn márùn-ún pọ̀ mọ́ mẹ́fà. Lórí fóònù, ẹnì kankan ò ní rí i. Lára ògiri pálọ̀, ọmọ ọdún méje á ní, "Mọ́mì, kí ló ṣe òpó yìí?"

Ẹni tó ni ìbéèrè, dá mi lóhùn kí n tó sọ̀rọ̀ síwájú. Kí ni mọ́tò náà fara kan? Ṣé ó dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni, àbí ara ìyàwó bò ó? Lẹ́ǹsì wo lo lò, aago mélòó? Òdòdó yẹn, ti gidi ni àbí oníke?

---

Màmá Bódìjà:
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má bínú, kò yé mi. Ṣé ẹni tó ni mọ́tò ni kò fẹ́ gbé e kúrò ni? Ẹ lọ bá àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà níbẹ̀, wọ́n á bá yín wá a.

Ṣùgbọ́n ti kí wọ́n yọ nǹkan kúrò nínú fọ́tò yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ rọra o. Nígbà tí mo ṣègbéyàwó, jẹnẹrétọ̀ kan wà lẹ́yìn wa, ìyá ọkọ mi sì dúró sí ìtòsí rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká. Ẹni tó bá wa ṣe álíbọ́ọ̀mù yọ jẹnẹrétọ̀, ó yọ ìyá ọkọ mi pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó gbàgbé ọwọ́ wọn. Títí dòní, ọwọ́ kan wà léjìká mi tí kò ní olówó. Àwọn ìyàwó ilé ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

---

Ayafọ́tò Mọ́níyà:
Màmá, ẹ mà pa mí lẹ́rìn-ín. Rárá o, mọ́tò ti lọ tipẹ́, inú fọ́tò nìkan ló kù sí.

Bàbá, ẹ ṣé. Lẹ́ǹsì mílímítà 85 ni, `f/2.8`, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kọjá díẹ̀, oòrùn ń bọ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún mi. Kámẹ́rà mi ń ya píksẹ́ẹ̀lì 6000 lọ́nà 4000. Mo ní fáìlì RAW. Iwájú mọ́tò náà yọ láti ẹ̀yìn ìyàwó lápá òsì, nẹ́ẹ̀tì orí rẹ̀ sì bò ó mọ́lẹ̀, ẹ rí pupa rẹ̀ gba inú nẹ́ẹ̀tì. Òdòdó oníke ni. Ìbejì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń bá a gbé e nínú mọ́tò ló fà á já.

---

Bàbá Sítúdíò:
Ó dáa. Ọ̀rọ̀ náà ò le tó bí o ṣe rò, àyàfi nẹ́ẹ̀tì.

Gbogbo ohun tí ìyàwó yìí ń wá ló ṣì wà láyé. Gbọ̀ngàn Mápó tí wọ́n ṣí ní 1929 kò tíì lọ síbì kankan. Òdòdó oníke kì í rọ, ó wà nílé ẹnì kan. Kí ló dé tí wàá fi máa hùmọ̀ ohun tí o lè lọ yà? Gbé kámẹ́rà rẹ, padà sí Mápó, ya àwọn òpó náà láìsí mọ́tò, kí o fi wọ́n sábẹ́ fọ́tò ìyàwó.

Ṣùgbọ́n ó ní bí wọ́n ṣe ń yà á. Lẹ́ǹsì kan náà, `f/2.8` kan náà, aago mẹ́rin kan náà. Gbé fọ́tò ọjọ́ yẹn sórí fóònù rẹ, kí o máa fi wé ohun tí o ń rí. Wo ibi tí etí òpó kan ti pàdé ògiri ẹ̀yìn rẹ̀. Tí àlàfo tó wà láàárín wọn bá fẹ̀ ju ti ọjọ́ ìgbéyàwó lọ, o ti rìn sọ́tùn-ún tàbí sósì jù. Tún wo bóyá o bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, torí kámẹ́rà tó bá ga sókè ń fi orí àtẹ̀gùn hàn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé rèé. Ní `f/2.8`, ojú tọkọtaya ló mọ́ kedere, òpó ẹ̀yìn rí bàìbàì díẹ̀. Tí o bá lọ ya òpó nìkan, kámẹ́rà á dojú kọ òpó, òpó á mọ́ kedere, tí o bá sì fi sẹ́yìn wọn, á dà bíi pé o gé wọn lẹ̀ mọ́ káláńdà. Mú ọmọ iṣẹ́ rẹ dání, kó dúró síbi tí ìyàwó dúró sí gan-an. Fi kámẹ́rà wo ojú rẹ̀ títí á fi mọ́, yí lẹ́ǹsì sí `MF` kó má bàa yí padà mọ́, ní kí ọmọ náà kúrò, kí o wá tẹ̀ ẹ́. Òpó á rí bàìbàì bó ṣe rí lọ́jọ́ náà.

Má sì jẹ́ kó pẹ́. Ọyẹ́ ṣì wà lójú ọ̀run báyìí, bó ṣe wà lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn. Tí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀, ojú ọ̀run á mọ́, òjìji á dúdú sí i. Tó bá sì fi wọ oṣù karùn-ún, oòrùn á ti kọjá sí apá àríwá wa, òjìji òpó ò ní wólẹ̀ síbi tó wólẹ̀ sí mọ́.

---

Ọmọ Kọ̀ǹpútà:
Bàbá, wàhálà yìí pọ̀ jù fún fọ́tò kan. Ta ló máa sanwó ọkọ̀ lọ sí Mápó? Èmi á kàn lo `Clone Stamp`, máa gbé òpó tọ̀tún wá sí tòsì.

---

Bàbá Sítúdíò:
Oòrùn ń bọ̀ láti ọ̀tún. Òpó ọ̀tún, ẹ̀gbẹ́ wo ló mọ́lẹ̀, èwo ló ṣókùnkùn? Kò burú, wọ́n á jọra. Ṣùgbọ́n òjìji tó wà lára òpó kan lè má sí lára èkejì. Ìwọ á gbé òpó tí kò ní òjìji wá, o ò ní mọ̀. Lọ gbìyànjú ẹ̀ wò, kí o fi hàn wá.

Wákàtí díẹ̀ ni lílọ àti bíbọ̀ Mápó. Èèyàn lè lo ọjọ́ méjì nídìí `Clone Stamp`.

---

Olódòdó Dùgbẹ̀:
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti òdòdó, iṣẹ́ mi ni. Ìyàwó ní kí ẹ dá a padà sí bó ṣe wà láàárọ̀, ẹ sì ní fọ́tò àárọ̀ nígbà tó ń múra. Kí ló dé tí ẹ ò gé e níbẹ̀? Òdòdó kan náà ni, àwọ̀ kan náà.

Ọ̀rọ̀ kejì: ẹni tó ta òdòdó yẹn fún un ló yẹ kó gbọ́ ẹjọ́ yìí. Tí wọ́n bá fi gúlúù gbígbóná lẹ̀ ẹ́ tí wọ́n sì we wáyà mọ́ ọn, ìbejì mẹ́rin ò lè fà á já.

---

Bàbá Sítúdíò:
Olódòdó, mo gbà pé àwọ̀ kan náà ni, lójú èèyàn. Lójú kámẹ́rà, kì í ṣe kan náà. Láàárọ̀, inú yàrá ni, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé rọ̀, ó sì lè wá láti òsì. Ní Mápó, oòrùn gbangba ni, láti ọ̀tún. Funfun inú yàrá á dà bíi búlúù lẹ́gbẹ̀ẹ́ funfun ìrọ̀lẹ́. Kọ̀ǹpútà lè tún àwọ̀ ṣe. Ibi tí òjìji wà lórí ewé òdòdó kọ̀ọ̀kan ni kò ṣe é tún ṣe. Àwọn kan á ní kí o yí i padà bí ẹni wo dígí, kí ìmọ́lẹ̀ òsì di ti ọ̀tún. Ó ṣeé ṣe, tí òdòdó náà bá dojú kọ ibi tó yẹ lẹ́yìn tí o yí i tán.

Ti Gúgù, mi ò fẹ́ kí ẹ gbé e. Kì í ṣe torí pé ó kéré, òdòdó kan nínú fọ́tò yìí ò tóbi. Ẹni kan ló ya fọ́tò yẹn, òun ló ni ín, ìwọ sì ń gbowó.

Bẹ ìyàwó kó fún ọ ní òdòdó náà, bó ti wù kó já tó. Ní kí Olódòdó bá ọ lẹ̀ ẹ́ padà. Gbé e lọ sí Mápó lọ́jọ́ kan náà tí o ń lọ ya òpó, kí ọmọ iṣẹ́ rẹ mú un dání síbi tí ìyàwó mú un sí, bó ṣe mú un gẹ́lẹ́. Kó so aṣọ funfun mọ́ àyà, torí aṣọ ìyàwó ló ń ta ìmọ́lẹ̀ sí abẹ́ òdòdó. Tí aṣọ tó wọ̀ bá dúdú, abẹ́ òdòdó á ṣókùnkùn, á yàtọ̀.

---

Olódòdó Dùgbẹ̀:
Èyí bọ́gbọ́n mu. Kó gbé e wá, mi ò ní gba ju owó gúlúù lọ. Ṣùgbọ́n mo ṣì ní ẹni tó tà á ló jẹ̀bi.

---

Òtítọ́ Korò:
Èmi ò bá yín lọ rárá. Fọ́tò jẹ́ ẹ̀rí. Mọ́tò wà níbẹ̀, òdòdó já. Ní ogún ọdún sí i, àwọn ọmọ wọn á wo ògiri, wọ́n á rí ọjọ́ kan tí kò ṣẹlẹ̀. Ẹ yọ mọ́tò lónìí, lọ́la ẹ máa yọ àbúrò ọkọ tí wọ́n bá jà. Níbo la ó dúró?

---

Àgbà Ìlá:
Òtítọ́ Korò, mo kí ẹ. Iṣẹ́ yìí ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dé. Nígbà tá a wà lọ́mọ ẹ̀kọ́ iṣẹ́, pẹ́ńsù tó mú ṣóńṣó la fi ń tún ojú èèyàn ṣe lórí nẹ́gẹ́tíìfù, a ń bo àpá, a ń bo ìlà ẹrẹ̀kẹ́. Kò sí oníbàárà tó bínú.

Èyí tó jù ú lọ ni ti ìbejì. Ní Ìlá-Ọ̀ràngún níbí, ní àwọn ọdún 1970, tí ọ̀kan bá kú kí wọ́n tó ya wọ́n pọ̀, wọ́n á gbé èyí tó kù wá sí sítúdíò. A ó yà á, a ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan, á dà bíi pé àwọn méjèèjì jókòó pọ̀. Tó bá jẹ́ ọkùnrin ló lọ, obìnrin ló kù, a ó kọ́kọ́ ya obìnrin náà bó ṣe wà, a ó tún wọ aṣọ ọkùnrin fún un, a ó yà á lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn ìyá kan ń lo fọ́tò yẹn níbi tí àwọn ìyá wọn ti ń lo ère ìbejì. Ṣé irọ́ nìyẹn? Ìyá náà mọ̀ pé ọmọ ti lọ. Ilé sì mọ̀.

---

Òtítọ́ Korò:
Bàbá, ẹ ṣeun, mi ò mọ èyí. Síbẹ̀, ìyẹn ní ìdí, gbogbo ilé mọ̀ ọ́n. Mọ́tò yìí, ta ló máa sọ fún àwọn ọmọ wọn? Mi ò tíì yí ọkàn padà.

---

Ayafọ́tò Mọ́níyà:
Mo ti lọ sí Mápó, mo dé. Mo gbé fọ́tò tuntun sábẹ́ tàtijọ́. `Edit > Auto-Align Layers` dà á rú, bóyá torí tọkọtaya wà nínú ọ̀kan, wọn ò sí nínú èkejì. Mo sọ `Opacity` di ìdajì, mo fi ọwọ́ gbé e títí etí òpó fi bọ́ síra. Mo fi `Layer Mask` pa mọ́tò rẹ́. Níbi tí mọ́tò ti dá wà, ó dára gan-an, kò hàn rárá. Mo fi `Curves` mú kí ìmọ́lẹ̀ wọn bára dọ́gba.

Nẹ́ẹ̀tì ló fẹ́ pa mí. Tí mo bá pa mọ́tò rẹ́ níbẹ̀, nẹ́ẹ̀tì bá a lọ. Tí mo bá fi nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, pupa wà nínú rẹ̀. Òdòdó náà dà bíi pé ó ń léfòó.

---

Bàbá Sítúdíò:
Mo ní kò le àyàfi nẹ́ẹ̀tì. Orí ti bá ọ ṣé pé pupa ni mọ́tò náà. Ká ní funfun ni, mi ò bá ti ní kí o dá owó wọn padà.

Ṣí fọ́tò ọjọ́ ìgbéyàwó, lọ sí `Channels`. Tẹ `Red` wò, mọ́tò á mọ́lẹ̀ yòò. Tẹ `Blue`, mọ́tò kan náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú, torí búlúù kò sí nínú pupa. Nẹ́ẹ̀tì funfun ní ti ẹ̀ ní gbogbo àwọ̀ lára, á mọ́lẹ̀ síbẹ̀. O rí i báyìí pé nẹ́ẹ̀tì ti yapa sí mọ́tò láìfi ọwọ́ gé okùn kan. Yan gbogbo `Blue` náà, dà á kọ, padà sí `RGB`, lẹ̀ ẹ́ sórí lẹ́yà tuntun lókè àwọn òpó, kí o yí lẹ́yà náà sí `Screen`. Nínú `Screen`, dúdú kì í hàn, funfun nìkan ló ń kù. Fi `Levels` fa dúdú rẹ̀ wálẹ̀ sí i títí ara mọ́tò á fi parẹ́ tán. Lẹ́yìn náà, fi `Layer Mask` há a mọ́ ibi nẹ́ẹ̀tì nìkan.

Iná iwájú mọ́tò àti ibi tí oòrùn ti ń dán lára gíláàsì rẹ̀ kò ní lọ, torí funfun ni wọ́n. Mú búrọ́ọ̀ṣì dúdú, kùn wọ́n lórí lẹ́yà yẹn. Nẹ́ẹ̀tì tó wà lórí wọn gan-an á bá a lọ, wàá gbé díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wá dí i.

Má yà ọ́ lẹ́nu tí nẹ́ẹ̀tì ò bá wá hàn tó bó ṣe ń hàn tẹ́lẹ̀. Lórí mọ́tò tó ṣókùnkùn, ó yọ kedere. Lórí òpó tó mọ́lẹ̀, bó ṣe máa rí lójú gan-an nìyẹn. Sọ fún ìyàwó ṣáájú, kó má bàa ní o gé nẹ́ẹ̀tì òun.

Wo ẹ̀gbẹ́ òsì aṣọ rẹ̀ pẹ̀lú. Mọ́tò pupa nínú oòrùn ń ta pupa sára aṣọ funfun. Mọ́tò á lọ, pupa á kù, ojú á sì máa wá ibi tó ti wá. Fi `Hue/Saturation` dín `Reds` kù níbẹ̀ nìkan. Jìnnà sí apá àti ojú rẹ̀, àwọ̀ ara wa kún fún pupa, á dà bí ẹni tí àìsàn ń ṣe.

Òdòdó tó ń léfòó, òjìji ni kò ní. Wo òdòdó tí kò já, á ní òjìji kékeré lára aṣọ lápá òsì ìsàlẹ̀. Ṣe irú ẹ̀ fún tuntun, sórí lẹ́yà tirẹ̀, kó má dúdú ju ti àtijọ́ lọ. Ìka ìyàwó tó di ìdí òdòdó mú gbọ́dọ̀ wà lókè òdòdó tuntun.

Tí o bá parí, yí gbogbo fọ́tò náà padà bí ẹni wo dígí, kí o fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ohun tí ojú ti mọ́ lónìí á hàn lọ́la. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ ní ínṣì 30 ní fífẹ̀, ìyẹn 200 píksẹ́ẹ̀lì sí ínṣì kan, ó tó. Kọ́kọ́ gé apá nẹ́ẹ̀tì àti òdòdó nìkan, tẹ̀ ẹ́ ní kékeré ní ìwọ̀n tó máa jẹ́ lára ògiri, kí o wò ó kí o tó san owó ńlá.

---

Ọmọ Kọ̀ǹpútà:
Mo gbìyànjú `Blue` yẹn lórí iṣẹ́ mi. Ó ṣiṣẹ́. Mọ́tò aláwọ̀ ewé ńkọ́?

---

Bàbá Sítúdíò:
Wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí tí mọ́tò bá ti ṣókùnkùn jù ni kí o mú. Mọ́tò aláwọ̀ eérú kò ní dá ọ lóhùn nínú ìkankan.

---

Màmá Bódìjà:
Ṣé irú èyí lè yọ ọwọ́ ìyá ọkọ mi?

---

Bàbá Sítúdíò:
Màmá, ẹ ní fọ́tò míì tí èjìká yín hàn nínú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn? Ẹ wá a. Ká tiẹ̀ wò ó bóyá a ò lè dá àwọn ìyá padà sídìí ọwọ́ wọn.

---

Ayafọ́tò Mọ́níyà:
Ó ti jáde, ó dára. Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Àdéhùn wa ni títún àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ ṣe, kò sí yíyọ mọ́tò níbẹ̀. Àwọn kan ní kí n má gbowó, pé èmi ni mo yẹ kí n rí mọ́tò kí n tó tẹ kámẹ́rà.

---

Olódòdó Dùgbẹ̀:
Má gba ti mọ́tò, ojú rẹ ló yẹ kó rí i. Gba ti òdòdó, ìwọ kọ́ lo já a.

---

Bàbá Sítúdíò:
Ọjọ́ Sátidé ní Mápó, ta ló lè dá mọ́tò dúró? Gba owó méjèèjì, ṣùgbọ́n fọ́tò kan ṣoṣo. Tí o bá ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, á ní kí o ṣe gbogbo ti orí àtẹ̀gùn.

---

Ayafọ́tò Mọ́níyà:
Ìròyìn tuntun. Mo fi ránṣẹ́, inú ìyàwó dùn. Bàbá ìyàwó wá pè mí fúnra wọn: àbúrò wọn ọkùnrin tó wá láti Abẹ́òkúta ló ni mọ́tò pupa yẹn, ọdún yẹn ló rà á, ó sì ti ń bi wọ́n léèrè fọ́tò tí mọ́tò òun wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní kí n tẹ èyí tó ní mọ́tò fún un, ṣùgbọ́n kí n fi òdòdó sí i.

---

Bàbá Sítúdíò:
Tí o bá fi lẹ́yà òdòdó sílẹ̀ lọ́tọ̀ bí mo ṣe wí, pa `Layer Mask` tó wà lára fọ́tò ìgbéyàwó àti lẹ́yà nẹ́ẹ̀tì, mọ́tò á padà wá. Dá `Reds` aṣọ náà padà pẹ̀lú. Sọ fáìlì wọn lórúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, `mapo_moto.jpg` àti `mapo_laisi_moto.jpg`, kí o má ṣèèṣì gbé ti Abẹ́òkúta lọ sí pálọ̀ ìyàwó.

---

Òtítọ́ Korò:
Ẹ rí i báyìí? Ilé kan, ọjọ́ kan, fọ́tò méjì tó yàtọ̀ síra.

---

Ayafọ́tò Mọ́níyà:
Ta ló máa sanwó títẹ̀ ti Abẹ́òkúta, ìyàwó ni àbí oní-mọ́tò?